Àṣìṣe Kan Nínú Ẹrù 112

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, mo jókòó sí bíró wa ní Ṣábẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti kọ ìwé àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún fún obìnrin tí ó ń ṣe olórí àyẹ̀wò kajú ní ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Kò gbà mí ju wákàtí kan lọ láti kọ ọ́ tán. Nígbà tí mo kà á padà, ara mi kò gbà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ìlà tí ó wà nínú rẹ̀. Ìlà 22 ni mo kọ. 15 nínú wọn dá lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹrin. Ìlà méje tí ó ṣẹ́kù ni mo fi sọ gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹfà, nígbà tí a ń ra kajú lójoojúmọ́, àti gbogbo ìtọ́jú ẹrù tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí ó bá ka ìwé náà, yóò rò pé aláìbìkítà kan ni a gbà sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní òṣìṣẹ́ tí ó dára jù ú lọ.

Ó jù mí lọ ní ọjọ́ orí. “Ẹ̀gbọ́n” ni mo ń pè é, “ọ̀gá” ni òun ń pè mí, a sì jọ ń fi “ẹ” bá ara wa sọ̀rọ̀. Nínú àròkọ yìí, “ó” ni n ó máa lò fún un dípò “wọ́n”, kí òǹkàwé má baà rò pé ènìyàn púpọ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe pé mo fi ojú kékeré wò ó.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí kàmíọ̀ bá gbé kajú dé láti Kàbúà tàbí láti àwọn oko tí ó wà lápá odò Ọ̀kpárà, òun ni yóò fi ọ̀pá irin oníhò gún àpò, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ó kéré tán, tí yóò da ohun tí ó bá yọ pọ̀, tí yóò sì wọn kílò kan nínú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo ọ̀rinrin rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, a kì í gba ẹrù náà wọlé. A ní láti sá a sí oòrùn ná, nítorí pé kajú tútù tí a bá tò jọ a máa gbóná láti inú wá, yóò sì bu. Lẹ́yìn náà ni yóò la kajú kílò kan yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò ya ọmọ inú tí ó dára sọ́tọ̀, tí yóò ya èyí tí apá kan rẹ̀ bàjẹ́ sọ́tọ̀, tí yóò sì da èyí tí kò wúlò nù. Bí èyí tí ó dára bá jẹ́ gíráàmù 265, tí èyí tí apá kan rẹ̀ bàjẹ́ sì jẹ́ gíráàmù 20, a ó ka ìdajì 20 náà mọ́ ọn, yóò di 275. Nínú àpò ńlá kan tí ó jẹ́ kílò 80, èyí túmọ̀ sí kílò 22 ọmọ inú, èyí tí ó tó pọ́n-ùn 48 àti ààbọ̀. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní kọ́ọ̀, òun ni owó sì rọ̀ mọ́.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò ní ilẹ̀ wa, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fọ́ kajú nínú orílẹ̀-èdè wa ni a ń tà á fún. Àwọn náà a máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn a sì fi èsì ránṣẹ́ sí wa. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹrù kọ̀ọ̀kan tí a bá rà ní nọ́ńbà méjì: ti obìnrin yìí, àti ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Èyí ṣe pàtàkì gan-an nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀gá tí kò bá ní irú nọ́ńbà kejì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ìrántí tirẹ̀ nìkan ni yóò fi ṣe ìdájọ́. Ìrántí a sì máa tọ́jú ohun tí ó dùn wá ju ohun tí ó lọ déédéé lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ náà, kàmíọ̀ mẹ́fà ni ó dé. Igbákejì rẹ̀ ti lọ sí ibi ìsìnkú. Èmi ni mo fún un ní ààyè, n kò sì wá ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀. Òjò ti ṣú. Kàmíọ̀ karùn-ún gbé àpò 175 wá, tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14, láti ọwọ́ oníṣòwò kan tí ẹrù rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn ti gbẹ dáadáa. Àpò 18 ni ó yẹ kí ó gún. Mẹ́sàn-án ni ó gún, gbogbo wọn ni ó sì wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Kò fi ẹ̀rọ wo ọ̀rinrin rárá. Ó kọ 8.4 sínú ìwé, èyí tí í ṣe nọ́ńbà kàmíọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sì sáré lọ bá àwọn ọmọ fa tapọ́lì bo ẹrù tí ó wà ní ìta. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òkìtì náà ti gbóná lábẹ́ ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. Nígbà tí a tú u, àwọn àpò àárín ní ọ̀rinrin 12 àti 13. A rí tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án gbà là nínú oòrùn. Tọ́ọ̀nù márùn-ún bu, a sì tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí ẹgbẹ́ pàdánù lé díẹ̀ ní 800,000 fáráǹkì Séfà.

Nínú oṣù Karùn-ún, a kọ lẹ́tà sí i pé kí ó ṣàlàyé. Ojú ewé kan ni ó fi dáhùn, kò sì di ẹ̀bi náà ru òjò tàbí igbákejì rẹ̀. A fún un ní ìwé ìkìlọ̀, a fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì, ọ̀rọ̀ ìyà sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo ń ka ìlà 15 tí mo kọ nínú oṣù Kejìlá, mo rí i pé ìwé ìkìlọ̀ kejì ni mo ń kọ láìmọ̀. Ìwé ìkìlọ̀ a máa sọ ohun tí ènìyàn ṣe ní ọjọ́ kan àti ohun tí ó tọ́ sí i. Àgbéyẹ̀wò ọdún ń bi wá ní ohun mìíràn: báwo ni ẹni yìí ṣe ṣe iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀? Mo ya ìwé àkọ́kọ́ náà.

Ṣùgbọ́n n kò lè kàn ju ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, kí n sì máa sọ pé àṣìṣe kan ṣoṣo ni. Ibí yìí ni ó le jù lọ fún mi, mo sì lérò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí ó láàánú ti máa ń fò kọjá. Pé ó gún àpò mẹ́sàn-án dípò 18, ìkánjú ni a lè pe ìyẹn. Pé ó kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kò fi hàn án, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Gbogbo ẹ̀rí tí mo ní pé òṣìṣẹ́ rere ni, inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń da nọ́ńbà kọ nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí a kò mọ̀ nítorí pé kajú àwọn ọjọ́ yòókù gbẹ, a jẹ́ pé àṣìṣe kan ni a rí, kì í ṣe àṣìṣe kan ni ó wà. Kí n tó sọ pé ọ̀ràn oṣù Kẹrin kò gbọ́dọ̀ bo ọdún mọ́lẹ̀, mo ní láti mọ̀ bóyá ó dá dúró lóòótọ́.

Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ àsìkò náà, ẹrù 112, mo sì fi ọjọ́ méjì kà á. Ohun mẹ́ta ni mo ń wá. Èkíní ni nọ́ńbà ọ̀rinrin tí ó bá jọra nínú ẹrù méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Mo rí i ní ibi mẹ́ta yàtọ̀ sí ti oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà ọ̀rinrin tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ padà kò jìnnà sí tirẹ̀. Èkejì ni bí àwọn ìwọ̀n ọmọ inú ṣe parí. Òṣùwọ̀n a máa fún ènìyàn ní 263, 271, 268. Ẹni tí ó bá ń dá nọ́ńbà sọ láti orí ara rẹ̀ a máa fẹ́ràn 260, 265 àti 270. Tirẹ̀ parí sí oríṣiríṣi nọ́ńbà, àní ní àwọn ọjọ́ tí kàmíọ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni kọ́ọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́. Nínú ẹrù 95 tí ó gbà wọlé, 91 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn kan. Mẹ́rin ni ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrù tí ó bu yẹn, àti mẹ́ta mìíràn tí ìyàtọ̀ wọn kò ju pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀ lọ, tí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tirẹ̀ ni ó kéré jù. Ẹni tí ó bá ti la kajú rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa ni èyí.

Ìwé kò lè búra fún ènìyàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá da nọ́ńbà ẹrù gbígbẹ kan kọ sí òmíràn tí ó gbẹ bákan náà, kò sí ohun tí mo lè rí. Nítorí náà mo pinnu pé n ó bi í lójúkojú, ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí a bá jókòó.

Nínú kíka ìwé yẹn náà ni mo ti rí ohun tí n kò wá lọ. Ṣáájú ọjọ́ àṣìṣe náà, ẹrù 74 ni ó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá mẹ́fà padà nítorí ọ̀rinrin. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹrù 37 ni ó yẹ̀ wò, ó sì dá 11 padà. Lóòótọ́, òjò ti dé, ẹrù tútù a sì máa pọ̀ sí i ní àsìkò yẹn. Àmọ́ nọ́ńbà ọ̀rinrin méje nínú àwọn 11 náà kò tó 10. Òfin wa gbà wọ́n láàyè, òun ni kò gbà. Mo tún rí i pé ó ń gún àpò 40, nígbà mìíràn 50, nínú kàmíọ̀ tí àpò 18 tó fún. Mo wá rántí àwọn kàmíọ̀ tí ó sun ẹnu ọ̀nà wa mọ́jú nínú oṣù Karùn-ún, àti àwọn àgbẹ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n kó kajú wọn lọ fún olùrà mìíràn tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Nínú ìwé tí mo ya, mo ti kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyìn pé “láti ìgbà náà, ó ti ń ṣọ́ra gidigidi.” Ojú mi wà lára oṣù Kẹrin débi pé mo ń yin ìbẹ̀rù. Mo ti ń bẹ̀rù pé àṣìṣe náà yóò bo iṣẹ́ rere rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti bo ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé àgbéyẹ̀wò wa ní àpótí márùn-ún, a sì ń fi máàkì láti 1 dé 5 sí inú wọn: àyẹ̀wò kajú, ìwé kíkọ, ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, kíkọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ìtọ́jú ẹrù. Nínú ìwé àkọ́kọ́, mo fún un ní 2, 2, 3, 3 àti 2. Mo wá bi ara mi léèrè lórí àpótí kọ̀ọ̀kan pé, bí a bá yọ ọjọ́ kan yẹn kúrò, kí ni mo mọ̀ nípa ohun tí àpótí yìí ń bèèrè? Ojú tì mí lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ kan tí ọ̀ràn oṣù Kẹrin kàn. Oníṣòwò tí ó ni ẹrù yẹn tilẹ̀ gba owó rẹ̀ pé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin yìí a máa gbé àwo tí ó fi la kajú síwájú ẹni tí ó ni ín, yóò jẹ́ kí olúwarẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ inú sórí òṣùwọ̀n, yóò sì ṣàlàyé fún un pé kajú tí a ká láti orí igi kí ó tó já fúnra rẹ̀ ni ó sọ kọ́ọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀sùn méjì péré ni a gbọ́ lórí iye owó jálẹ̀ àsìkò náà. Máàkì 5 ni èyí. Ní ti ìkọ́ni, ọ̀dọ́ méjì ni ó kọ́, ọ̀kan nínú wọn sì lè dá ṣe àyẹ̀wò báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fún un ní 5 níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìtọ́jú ẹrù, mo fún un ní 4, nítorí pé òun ni ó mú àṣà fífi ọwọ́ kan òkìtì láràárọ̀ wá, àṣà yẹn ni kò sì jẹ́ kí tọ́ọ̀nù 14 náà bàjẹ́ tán.

Àpótí àyẹ̀wò àti àpótí ìwé kíkọ ni ọ̀ràn náà kàn ní tòótọ́. Nínú àyẹ̀wò, mo fún un ní 4: ẹ̀rí àwọn ẹrù 91 náà pọ̀ jù kí n fún un ní ohun tí ó kéré sí i, ẹrù méje tí ó dá padà láìyẹ ni kò sì jẹ́ kí ó jẹ́ 5. Nínú ìwé kíkọ, mo fi 2 sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ó tọ́, àmọ́ ìdí tí mo fi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni kò tọ́. Tẹ́lẹ̀, 800,000 fáráǹkì ni mo ń wò. Ká ní àpò àárín wọ̀nyẹn gbẹ ni, fáráǹkì kan kò ní sọnù, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ ì bá ti ṣe. Òjò kọ́ ni mo ń ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀. Nítorí pé ó kọ ohun tí kò wọ̀n ni mo ṣe fún un ní 2, n kò sì jẹ́ kí iye owó náà wọ inú ìwé náà rárá.

Mo kọ ìpín tèmi náà sí i. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo yọ̀ǹda igbákejì láìwá arọ́pò, àti pé a kò ní òfin kankan tí ó sọ ohun tí olùyẹ̀wò yóò ṣe bí ẹrù bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Òfin náà ti wà báyìí: kàmíọ̀ tí a kò bá tíì yẹ̀ wò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yóò sùn sí ìta lábẹ́ tapọ́lì, a ó sì fi àyè nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo títí di òwúrọ̀. Kò sí ìyà lórí àyè òfìfo.

Akápò ẹgbẹ́ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ ọ̀ràn náà kúrò pátápátá nígbà tí ìwé ìkìlọ̀ ti wà. Ó rán mi létí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Mo dá a lóhùn pé obìnrin yìí kì í ṣe ọmọ, àti pé ìwé yìí kì í ṣe ìfàmọ́ra. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nídìí òṣùwọ̀n tí ó ṣi ìwọ̀n àpò mẹ́ta kọ ní ọdún tí ó kọjá, mo sì kọ ọ́ sínú àgbéyẹ̀wò tirẹ̀. Bí mo bá pa ti ẹ̀gbọ́n mọ́, yóò gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ènìyàn nílé ìkẹ́rùsí ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwé tí kò bá dárúkọ rẹ̀ yóò jẹ́ kí máàkì 5 méjèèjì yẹn dà bí ojúsàájú, bẹ́ẹ̀ sì ni ó fi iṣẹ́ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́, nínú àpótí ìwé kíkọ. Nínú ìwé àkọ́kọ́, mo ti kọ pé: “Àìbìkítà rẹ̀ kó ẹgbẹ́ sí àdánù ńlá, a kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ìwé rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.” Gbólóhùn kejì yẹn, irọ́ ni, nítorí pé mo ti ka ìwé náà, mo sì rí i pé a lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni: “Nínú oṣù Kẹrin, ó kọ nọ́ńbà ọ̀rinrin ẹrù kan sí òmíràn tí kò wọ̀n. A ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ lórí rẹ̀. Mo yẹ ẹrù 111 yòókù wò, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹrù náà, ó sì sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.” Èdè Faransé ni ìwé náà gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ Yorùbá ni mo fi kọ́kọ́ kọ ọ́, kí n lè gbọ́ bí yóò ṣe dún létí rẹ̀ nígbà tí mo bá kà á fún un.

A jókòó ní ọjọ́ Àlàmísì, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ jẹun. Mo ti gbọ́ pé ó yẹ kí ènìyàn fi ìyìn bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ìbáwí sí àárín, kí ó sì fi ìyìn parí rẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀, kò ní gbọ́ ìyìn tí ó ṣáájú rẹ̀, yóò kàn máa dúró de “ṣùgbọ́n” ni. Mo sọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ oṣù Kẹrin wà níbẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni ó sì wà, a ó dé ibẹ̀ tí ó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ sọ bí ọdún ṣe rí fún yín.”

Oṣù Kẹrin ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí, bí ẹni pé kò sí oṣù mìíràn nínú ọdún. Ó ní láti ìgbà náà, kí òun tó sùn, òun a máa rò ó bóyá òun wo ẹ̀rọ dáadáa. Mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà mo bi í ní ìbéèrè tí mo ti pinnu láti bi í: ǹjẹ́ ó ti da nọ́ńbà kọ bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ mìíràn, kódà bí ẹrù náà bá gbẹ? Ó wò mí lójú, ó ní, “Rárá, ọ̀gá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni.” N kò bi í mọ́.

Mo wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sí àwọn ẹrù méje tí ó dá padà láìyẹ, mo sì ní kí ó ka nọ́ńbà wọn fún mi. Ó ka 9.1, ó ka 8.8, ó dákẹ́. Ibí ni a ti lo àkókò jù lọ, ó ju ìdajì wákàtí lọ, nítorí pé ohun tí a lè tún ṣe ni. Ó sọ fún mi pé òun kò gbà pé ẹ̀rọ náà ń sọ òótọ́ mọ́, kì í ṣe pé òun kò mọ òfin. Èyí tí mo ti pè ní àṣejù ti wá di ohun tí a lè tọ́jú. A fi ẹnu kò pé láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí kàmíọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, a ó fi ẹ̀rọ méjì wo àwo kajú kan náà. Bí wọ́n bá bá ara wọn mu, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni a ó tẹ̀ lé, àpò ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni yóò sì gún. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, yóò pè mí.

Nígbà tí a dé àpótí ìwé kíkọ, mo ka gbólóhùn mi fún un ní èdè wa. Kò jiyàn lórí 2 náà. Ó ní kí n tún ìlà tí ó kẹ́yìn kà. Mo tún un kà: òun ni ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹrù náà.

“Ọ̀gá, kì í ṣe èmi,” ni ó wí. “Ọmọ tí ń gbálẹ̀ ni ó gbọ́ ọ. Ó wá pè mí, èmi ni mo wá fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.”

Mo sọ fún un pé ìlà yẹn wà lára ohun tí ó gbè é jù nínú àpótí náà. Ó ní òun mọ̀. Mo fi bírò fa ìlà gba orí gbólóhùn náà, mo kọ orúkọ ọmọkùnrin náà sí i, àwa méjèèjì sì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó ká ẹ̀dà tirẹ̀ sí méjì, ó fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí ilé ìkẹ́rùsí.